Ẹ̀rọ etí bàbá mi tó ń lo ṣájà kì í pẹ́ mọ́ kó tó kú: ṣé bátìrì ni lóòótọ́?

Àdùkẹ́Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Bàbá mi ti lé ní 70 ọdún, wọ́n sì ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ méjì, irú èyí tó máa ń jókòó sẹ́yìn etí tí okùn tín-ín-rín kan á wá wọ inú etí. Ẹ̀gbọ́n mi ló rà á fún wọn ní London lọ́dún méjì sẹ́yìn. Kò ní ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ti yọ bátìrì, inú ṣájà la máa ń gbé e sí lálẹ́. Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá ti wọ̀ ọ́ láàárọ̀, ó di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sùn. Ní báyìí, kí wọ́n tó ti mọ́sálásí dé lẹ́yìn ìrun Àsárì, ohùn ìkìlọ̀ á ti máa dún, kò sì ní pẹ́ tí méjèèjì á fi dákẹ́. Tọ̀tún tún burú ju tòsì lọ. Lálẹ́ ọjọ́ mìíràn, a máa ń bá a nínú ṣájà láìtan iná kankan, bẹ́ẹ̀ tòsì ń tàn. Ṣọ́ọ̀bù kan níbí sọ pé bátìrì méjèèjì ti kú, iye tí wọ́n sì pè láti pààrọ̀ wọn pọ̀ ju agbára mi lọ. Kí n tó lọ yáwó, ẹ jọ̀ọ́, ṣé bátìrì ni lóòótọ́?

TáyéAtúnfóònùṣe

Àǹtí mi, bátìrì ni. Lítíọ́ọ̀mù ló wà nínú ẹ̀, bíi ti fóònù, ó kàn kéré ni. Gbogbo bátìrì lítíọ́ọ̀mù ló ń gbó, ẹ ò lè dá a dúró. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi ni pé kí wọ́n jẹ́ kó kú pátápátá kí wọ́n tó fi sí ṣájà, kí wọ́n má máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Ní ti tọ̀tún tí kò tan iná, ìdọ̀tí ló wà lójú irin tó ń gba iná. Ẹ fi sáńpépà rírọ̀ ha á díẹ̀, á tàn.

MàmáÌbejìÒṣogbo

Ẹ má dààmú ara yín, ọmọ mi. Èmi náà ń lo ẹ̀rọ etí, bátìrì mi kì í ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí n tó ra òmíràn. Ẹ béèrè fún èyí tí sítíkà ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ búráùn, nọ́ńbà 312. Tẹ́ ẹ bá ti bó sítíkà yẹn, ẹ jẹ́ kó gba atẹ́gùn fún ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ tó tì í sínú. Ọ̀pọ̀ ni kì í dúró, ìyẹn ni tiwọn fi ń tètè kú.

AdétutùElétí

Màmá Ìbejì, ẹ ṣeun mà. Òótọ́ lẹ sọ nípa bátìrì tiyín, àmọ́ irú ẹ̀rọ tí bàbá ń lò yàtọ̀. Tiyín ń fi atẹ́gùn ṣiṣẹ́, tó bá ti tán, ó tán nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba yín níyànjú pé kẹ́ ẹ gbé irú bátìrì bẹ́ẹ̀ sínú ṣájà láéláé, ó lè wú tàbí kó bẹ́. Ti bàbá, inú ẹ̀rọ ni wọ́n lẹ bátìrì náà pa mọ́.

Táyé, lítíọ́ọ̀mù ni lóòótọ́, ó sì ń gbó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn pé kó kú pátápátá kí wọ́n tó ṣájì í, ti bátìrì níkẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ni. Lítíọ́ọ̀mù kò fẹ́ kó máa gbẹ tán lójoojúmọ́, ìyẹn gan-an ló ń mú un gbó kíá. Sáńpépà ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bo ojú irin yẹn. Tẹ́ ẹ bá ha á kúrò, òógùn á jẹ irin tó wà nísàlẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà á fi kọjá àtúnṣe.

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Mo ti ń bójú tó ẹ̀rọ etí ní Ìbàdàn níbí ọjọ́ ti pẹ́, ohun kan sì wà nínú ọ̀rọ̀ yín tó jẹ́ kí n máa ṣiyèméjì. Bátìrì méjì kì í sábà gbó lọ́jọ́ kan náà. Tó bá jẹ́ pé ogbó ni, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń wá, ọ̀kan á sì máa ṣáájú èkejì. Ẹ dá mi lóhùn lórí nǹkan mẹ́ta yìí. Ṣé lójijì ló bẹ̀rẹ̀ ni àbí ó ń dín kù fún oṣù bíi mélòó kan? Ṣájà náà, ṣé ó ní bátìrì tirẹ̀ nínú tàbí ó di dandan kí okùn rẹ̀ wà lójú iná kó tó ṣiṣẹ́? Agogo mélòó ni bàbá máa ń gbé e sí ṣájà, agogo mélòó sì ni Nẹ́pà máa ń mú iná lọ ládùúgbò yín?

Àdùkẹ́Bódìjà

Ẹ ṣeun gan-an mà. Lójijì ni, láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà ni a kíyè sí i. Ṣájà kò ní bátìrì tirẹ̀. Tá a bá fà á kúrò lójú iná, ó kú nìyẹn. Ní agogo 8 alẹ́, lẹ́yìn ìrun Ìṣá, ni bàbá máa ń gbé e síbẹ̀ nítorí wọ́n máa ń tètè sùn. Iná wa máa ń dé lálẹ́, á sì lọ ní bíi agogo 11. Ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì kó tó padà. Tẹ́lẹ̀, ínfátà ló máa ń gbà á. Bátìrì ínfátà ti kú, a ò tíì rí owó ra òmíràn.

Ṣùgbọ́n agogo 8 sí 11 ti jẹ́ wákàtí 3. Ẹ̀gbọ́n mi ní wákàtí 3 ló tó láti kún. Ìyẹn ni mi ò fi ka iná sí.

AdétutùElétí

Ẹ ti dáhùn ìbéèrè yín fúnra yín, ẹ jẹ́ kí n to ó pọ̀.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ etí tó ń lo ṣájà kì í ní bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n ṣe é kó jẹ́ pé bó bá ti ń gba iná láti inú ṣájà, á pa ara rẹ̀. Bí iná yẹn bá ti gé, ó gbà pé wọ́n ti yọ òun jáde láti wọ̀ sétí nìyẹn, á sì tan ara rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò lè mọ̀ bóyá ọwọ́ bàbá ló gbé òun tàbí Nẹ́pà ló mú iná lọ. Nítorí náà, ní agogo 11 tí iná bá lọ, méjèèjì á jí nínú ṣájà, wọ́n á sì máa ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, láìsí etí kankan tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Ká ní ẹ̀rọ tó kún dáadáa máa ń gbé wákàtí 18. Ó kún ní agogo 11 alẹ́. Láti ìgbà yẹn títí di agogo 7 àárọ̀ tí bàbá wọ̀ ọ́ jẹ́ wákàtí 8, ó sì ti jó lọ. Wákàtí 10 ló kù, ìyẹn ni agogo 5 ìrọ̀lẹ́. Tí bàbá bá wá fi fóònù gbọ́ wàásì díẹ̀, tí ohùn fóònù sì ń wọ inú ẹ̀rọ tààrà, á sún mọ́ ìgbà ìrun Àsárì yẹn gan-an. Bátìrì tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ o.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá òótọ́ ni? Ẹ jẹ́ kí iná lọ lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ wá lọ síbi ṣájà lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú 5. Ẹ má yọ ẹ̀rọ kankan, ẹ kàn fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó mọ́lẹ̀ nínú ṣájà bíi ẹni fẹ́ mú tata. Tó bá ń súfèé tín-ín-ín, ó ti jí nìyẹn. Èyí tó wà ní pípa kì í súfèé.

Tọ̀tún tí kì í tan iná rárá, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, a ó padà síbẹ̀.

ỌmọẸ̀gbáPeckham

Áà! Èmi náà ra irú ẹ̀ fún ìyá mi. Níbí, mi ò rí i kí iná lọ lóru rí, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó sọ ọ́ fún wa ní ṣọ́ọ̀bù. Àtúnṣe rẹ̀ ò le rárá: kí Àǹtí Àdùkẹ́ ra páwà báǹkì ńlá kan, kí wọ́n fi okùn ṣájà bọ̀ ọ́, kí wọ́n gbàgbé Nẹ́pà.

BàbáSólà

Ẹ dúró ná. Iṣẹ́ sólà àti ínfátà ni mò ń ṣe, àwọn oníbàárà mi sì ti wá bá mi lórí irú páwà báǹkì yẹn. Ọ̀pọ̀ páwà báǹkì ló máa ń ṣọ́ iye iná tí wọ́n ń fà lára rẹ̀. Fóònù ń fa púpọ̀. Ẹ̀rọ etí kékeré yìí, tó bá ti ń kún lọ, ìwọ̀nba díẹ̀ bín-ín-tín ló ń fà. Páwà báǹkì á rò pé kò sí ohun tó wà lẹ́nu òun mọ́, á sì pa ara rẹ̀. Ẹ mọ ohun tó máa tẹ̀ lé e: ìṣòro Nẹ́pà yẹn náà ni, iná gé, ẹ̀rọ jí.

Èyí tó dára ni páwà báǹkì tí wọ́n ṣe fún nǹkan kéékèèké, irú tí wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ó lè fún aago ọwọ́ àti fóònù etí ní iná láìgé. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹ ó tẹ bọ́tìnnì wọn lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọ ipò yẹn. Kẹ́ ẹ tó gbé e fún bàbá, ẹ fi ẹ̀rọ sí i lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ máa wo iná ṣájà títí á fi kún, kẹ́ ẹ sì tún dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí iná ṣájà bá kú láàárín, kò ní wúlò fún òru.

Ínfátà ní tiẹ̀, kò sí wàhálà. Ìyípadà láti Nẹ́pà sí ínfátà máa ń yára gan-an, orí iná ṣájà kì í tilẹ̀ mọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi rí i tẹ́lẹ̀. Tí agbára bátìrì ńlá ò bá sí, kódà fìtílà sólà kékeré tó ní ojú tí wọ́n fi ń ṣájì fóònù lè gbé ṣájà ẹ̀rọ etí mọ́jú, kẹ́ ẹ ṣá ti dán an wò bí mo ṣe sọ.

Àdùkẹ́Bódìjà

Ó súfèé! Méjèèjì ló súfèé nínú òkùnkùn, àyà mi já. Bàbá ní ẹ̀ẹ̀kan máa ń wà tí àwọn ń gbọ́ ariwo tín-ínrín kan lóru kí àwọn tó sùn lọ, ṣùgbọ́n àwọn rò pé ẹ̀fọn ni.

Mi ò ní owó páwà báǹkì lọ́wọ́ báyìí. Kí ni mo lè ṣe lálẹ́ òní?

AdétutùElétí

Ẹ má fi sílẹ̀ sínú ṣájà mọ́jú. Agogo 8 tí bàbá bọ́ ọ, ẹ gbé e síbẹ̀ bó ṣe wà. Ní bíi agogo 11, kí iná tó lọ, tàbí nígbà tí ẹ bá rí i pé iná méjèèjì ti dúró sí àwọ̀ ewé láìṣẹ́jú mọ́, ẹ yọ wọ́n. Wọ́n á tan bí ẹ bá ti yọ wọ́n. Kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì ẹ̀yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ dì í mú fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 5, títí iná rẹ̀ á fi tàn pupa kó sì kú. Àwọ̀ yẹn lè yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, àmọ́ ìdìmú náà ni. Ẹ fi wọ́n sínú páálí wọn, kì í ṣe inú ṣájà. Tẹ́ ẹ bá dá wọn padà sínú ṣájà tí kò ní iná, tí Nẹ́pà bá wá dé lóru fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tó tún lọ, wọ́n á tún jí.

Tí oorun bá ti gbé yín kí iná tó lọ, kò burú, ẹ gbé e sí ṣájà nígbà tí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn náà. Ààbọ̀ wákàtí péré máa ń fún un ní wákàtí mélòó kan, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ ni bátìrì irú èyí máa ń tètè gba iná, apá ìparí ló máa ń lọ́ra.

Bàbá náà lè tẹ bọ́tìnnì yẹn fúnra wọn tí ọwọ́ wọn ò bá gbọ̀n.

ArákùnrinAfẹ̀yìntì

Mo jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, mo ń lo irú ẹ̀rọ yìí. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, nítorí wọ́n mẹ́nu ba fóònù. Láti ìgbà tí ọmọ mi ti so fóònù mi mọ́ ẹ̀rọ etí, inú etí mi ni ìròyìn, orin àti ìpè gbogbo ń bọ̀ sí. Ó dùn mọ́ mi gan-an. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí eré bọ́ọ̀lù bá wà, ẹ̀rọ mi kì í di alẹ́. Mo bínú sí bátìrì títí tí dọ́kítà etí fi ṣàlàyé pé gbígba ohùn láti inú fóònù ń jẹ bátìrì ju gbígbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn lásán lọ. Nísinsìnyí, mo ń jẹ́ kí rédíò sọ̀rọ̀ láti ẹnu ara rẹ̀, ìpè fóònù nìkan ni mo jẹ́ kó máa wọ etí mi. Ó ti padà di agogo 10 alẹ́.

Kí Àǹtí Àdùkẹ́ wo ìyẹn náà fún bàbá.

TáyéAtúnfóònùṣe

Mo ti gba ti Nẹ́pà. Mi ò mọ̀ pé ó máa ń jí fúnra ẹ̀. Ṣùgbọ́n tọ̀tún ńkọ́? Iná kò tàn rárá, ìyẹn kì í ṣe Nẹ́pà, tòsì ń gba iná lójú ibi kan náà. Mo ṣì dúró lórí pé ojú irin ló ń dà á láàmú, kódà tí mo bá gbà pé sáńpépà kò dára.

AdétutùElétí

Táyé, níbẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ yín lè jẹ́ òótọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rí wá a.

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ wo ihò méjì inú ṣájà. Tí kò bá sí àmì tọ̀tún àti tòsì lára wọn, ẹ pààrọ̀ àyè wọn lọ́sàn-án tí iná bá wà. Tí tọ̀tún bá tàn nínú ihò tòsì, tí tòsì wá kọ̀ láti tàn nínú ihò tọ̀tún, ihò ṣájà ló níṣòro. Tó bá jẹ́ pé tọ̀tún kò tàn níbikíbi, ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni. Tó bá ń tàn bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tó sì ń kú bí ẹ bá yọwọ́, kò jókòó dáadáa nìyẹn, tàbí ìdọ̀tí wà láàárín irin àti irin.

Ẹ gbé e sún mọ́ ojú fèrèsé, kẹ́ ẹ wo àwọn irin wẹ́wẹ́ tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tó bá ń dán bíi wúrà, ó dára. Tí ẹ bá rí ohun tó ṣókùnkùn tó lẹ̀ bí ọṣẹ gbígbẹ, ìdọ̀tí ni. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé ló hù lé e, òógùn ti ń jẹ irin nìyẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án jù, ẹ gbé e wá fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Fún ìdọ̀tí lásán, ẹ fa ṣájà kúrò lójú iná kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan inú rẹ̀. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ tí kì í bọ́ irun nu ara ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tuntun tó rọ̀, tó sì gbẹ, gbọn ojú irin. Kò gbọdọ̀ sí omi, kò gbọdọ̀ sí ọṣẹ, kò gbọdọ̀ sí kẹrosíìnì.

Àdùkẹ́Bódìjà

Mo pààrọ̀ wọn. Tòsì tàn nínú ihò méjèèjì. Tọ̀tún kò tàn níbì kankan àfi tí mo bá tẹ̀ ẹ́. Mo gbé e síta, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan pupa rúsúrúsú tó lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń rùn bí òrí. Bàbá máa ń fi òrí pa ẹ̀yìn etí ọ̀tún nítorí awọ ibẹ̀ máa ń yún wọn. Mi ò ronú kàn án rí.

Mo gbọ̀n ọ́n, mo nu ún. Ó tàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, láìtẹ̀ ẹ́.

Ṣé kí wọ́n má fi òrí pa á mọ́ ni?

AdétutùElétí

Wọ́n lè fi pa á, àmọ́ lálẹ́ tí wọ́n bá ti bọ́ ẹ̀rọ ni kó jẹ́. Kí wọ́n nu ẹ̀yìn etí gbẹ láàárọ̀ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Kí wọ́n sì jẹ́ kí dọ́kítà wo ìyún yẹn náà, nítorí ó lè jẹ́ ẹ̀rọ tàbí rọ́bà rẹ̀ ló ń ha awọ.

ÌyáẸlẹ́ran

Ẹ fi sínú ìrẹsì mọ́jú, á fa gbogbo omi àti òrí jáde. Bí mo ṣe ṣe fóònù mi nìyẹn nígbà tó bọ́ sómi.

AdétutùElétí

Mà, ìrẹsì kì í fa òrí, eruku rẹ̀ sì máa ń wọ inú ihò tí ohùn ń gbà. Tó bá jẹ́ ọ̀rinrin òógùn ló ń dà á láàmú, àpò kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun ló dára jù, tí ẹ bá fi sínú ike tó ní ìdérí pẹ̀lú ẹ̀rọ. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ wà ní pípa kó tó wọ inú ike, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á tún máa jó bátìrì níbẹ̀.

Àdùkẹ́Bódìjà

Ẹ kú ìfẹ́ o. Mo padà wá ròyìn. A ń pa wọ́n lálẹ́ bí ẹ ṣe sọ. Tòsì ti padà sí bó ṣe wà, bàbá ń bọ́ ọ ní agogo 8 alẹ́ tí kò tíì ké ìkìlọ̀ kankan. Tọ̀tún ń kún dáadáa, iná rẹ̀ ń dúró sí àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n ó ń kú ní bíi agogo 6 ìrọ̀lẹ́. Ó tó wákàtí 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó fi ṣáájú tòsì. A ti pa ohùn fóònù, bàbá ò fi gbọ́ wàásì mọ́, ìpè nìkan ni.

Bátìrì ọ̀tún ni báyìí, àbí?

AdétutùElétí

Ó lè jẹ́ òun. Kò dán mi lójú tó láti ní kẹ́ ẹ san owó.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa fẹ́ mọ̀ ni bí etí méjèèjì ṣe gbọ́ sí. Tí etí ọ̀tún bàbá bá dití ju tòsì lọ, ẹ̀rọ ọ̀tún ní láti pariwo jù, bátìrì rẹ̀ á sì máa tán ṣáájú láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan sì wà tó jẹ́ pé apá kan ṣoṣo ló ń bá fóònù sọ̀rọ̀ nígbà ìpè, apá yẹn náà á máa yára tán. Ẹ béèrè lọ́wọ́ bàbá bóyá tọ̀tún ti máa ń kọ́kọ́ ké ìkìlọ̀ kódà nígbà tí ẹ̀rọ ṣì jẹ́ tuntun.

Èkejì, ẹ gbé méjèèjì lọ síbi tí onímọ̀ ìgbọ́ràn tó ní kọ̀ǹpútà fún irú ẹ̀rọ yẹn wà. Ní Ìbàdàn, ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní UCH lẹ lè ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Inú ẹ̀rọ náà ló ń kọ iye wákàtí tó fi wà ní títàn lójúmọ́ sí. Mo ti rí aláìsàn kan tí wọ́n kọ wákàtí 22 sílẹ̀ fún, bẹ́ẹ̀ ẹni náà kì í wọ̀ ọ́ ju wákàtí 13 lọ. Nẹ́pà ni, bíi tiyín. Tí ti bàbá bá ṣì ga ju iye tí wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ, ó ṣì ń jí níbì kan nìyẹn. Tó bá bára mu, tí tọ̀tún sì ń tètè kú, a lè wá sọ̀rọ̀ bátìrì.

TáyéAtúnfóònùṣe

Tó bá jẹ́ bátìrì lóòótọ́, ẹ lè gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ti ṣí fóònù etí kéékèèké rí, mo sì pààrọ̀ bátìrì wọn, wọ́n ṣiṣẹ́. Kò ní tó ìdá mẹ́rin iye tí ṣọ́ọ̀bù yẹn pè.

AdétutùElétí

Táyé, mo mọ̀ pé ọwọ́ yín dá. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ìta ẹ̀rọ etí kí òógùn má lè wọlé. Tí ẹ bá ti fi ọ̀bẹ ṣí i, ìdè yẹn ti já, òógùn ẹ̀yìn etí á wá wọlé lójoojúmọ́. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí wọ́n fi irin gún sì lè gbiná. Níbi tó ti máa ń dùn mí ni pé a ò ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é nítòsí, wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sókè òkun, kí bàbá sì wà láìgbọ́rọ̀ fún oṣù.

ỌmọẸ̀gbáPeckham

Àǹtí Àdùkẹ́, kí ẹ̀gbọ́n yín wo ìwé ìrajà rẹ̀ kó tó ṣe ohunkóhun. Tí àdéhùn àtúnṣe bá ṣì wà lórí rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n lè tún un ṣe. Tí ẹnikẹ́ni bá ti ṣí i lọ́nà mìíràn, àdéhùn náà lè parẹ́. Ẹ fi tọ̀tún nìkan ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹni tó ń bọ̀, kí bàbá máa lo tòsì. Kí ẹni náà fi sínú àpò tó máa gbé lọ́wọ́ wọnú ọkọ̀ òfúrufú, kó má fi sínú ẹrù tí wọ́n ń gbé sísàlẹ̀, nítorí bátìrì yẹn.

TáyéAtúnfóònùṣe

Kí bàbá máa fi etí kan gbọ́ fún oṣù méjì nítorí ìdè tí mo lè fi gọ́ọ̀mù dí? Mi ò gbà.

Àdùkẹ́Bódìjà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má jà nítorí mi. Mo béèrè lọ́wọ́ bàbá. Wọ́n ní tọ̀tún ló máa ń kọ́kọ́ ké láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n pé ìgbà yẹn, kò ju ìwọ̀nba tí wọ́n á fi kírun tán kí tòsì tó tẹ̀ lé e. Ìwé ìrajà wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, àdéhùn rẹ̀ ku oṣù díẹ̀. Mo ti gba ọjọ́ tí a ó lọ rí onímọ̀ ìgbọ́ràn kí wọ́n ka wákàtí inú rẹ̀ kí n tó fi ránṣẹ́.

AdétutùElétí

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ṣájà náà dání lọ, pẹ̀lú okùn rẹ̀ àti orí iná rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan. Kí bàbá sì wọ méjèèjì lọ láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn, kẹ́ ẹ kọ agogo tí ẹ yọ wọ́n kúrò nínú ṣájà sínú ìwé fún wọn.